Àtàǹpàkò Láńrewájú

Ó di ọdún mẹ́rin tí Láńrewájú ọkọ mi ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Fọ́tò mẹ́rin ló fi rán Abdulganiyu ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sí mi, ìgò lọ́fínńdà ló sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹni pé ìgò ni àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Lẹ́tà rẹ̀ kúrú. "Caroline mi, ọkùnrin kan fẹ́ ta ogún páálí fún mi. Gbogbo ohun tí mo kó jọ ló máa gbà. Ìwọ lo mọ lọ́fínńdà. Bí o bá ní ojúlówó ni, màá rà á, màá sì kó o wálé ní Kérésìmesì, mi ò ní padà mọ́. Bí kì í bá ṣe ojúlówó, á di ọdún mìíràn." Abdulganiyu ń padà lọ lọ́la.

Mo gbé ojúlówó irú ìgò náà tòun ti páálí rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí réluwé, mo gbé e ti fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Ọmọ́ládé, jókòó tì mí.

Ọ̀rá tó bo páálí inú fọ́tò àkọ́kọ́ hunjọ nígun, wọn ò sì ṣẹ́ ẹ déédéé bíi tèmi. Mo ní bóyá iná kámẹ́rà ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo wo ẹnu ìgò tí a fi ń fín lọ́fínńdà nínú fọ́tò kejì. Rọ́bà tó ti ibẹ̀ wọnú ìgò tèmi tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé agbára káká la fi ń rí i nínú omi. Tiwọn nípọn, ó funfun, ó sì tẹ̀. Nínú fọ́tò kẹta, ojú ibi tí gíláàsì ti pàdé yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Tèmi ń dán gbọọrọ. Ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ìdí ìgò àti páálí rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò kẹrin, tó gbẹ̀yìn. Wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sí ìdí ìgò tèmi, nọ́ńbà kan náà ló sì wà lára páálí rẹ̀. Yíǹkì ni wọ́n fi tẹ tiwọn, kò sì bá ti páálí mu. Àwáwí tán lẹ́nu mi.

"Ìyàwó, kọ ọ́ pé ó dáa," ni Ọmọ́ládé wí. "Kí àbúrò mi wálé ná. Ẹ ó rí ẹni tà á fún."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa rà á lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì ní Ọ̀fà yìí?"

Ọmọ́ládé ń nu ojú, èmi náà ń nu ojú. Mo fẹ́ kí ọkọ mi wálé ju bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ lọ, ó kàn jẹ́ pé èmi ni wọ́n fún ní bírò.

Mo kọ ọ́ pé, "Má rà á." Mo fi bírò yí àléébù inú fọ́tò mẹ́ta po, mo dá wọn padà. Fọ́tò kẹrin ni ẹ̀rí tó lágbára jù, ṣùgbọ́n mo tọ́jú rẹ̀ fún ara mi, mi ò fi í ránṣẹ́. Mo da nọ́ńbà méjèèjì kọ sínú lẹ́tà dípò rẹ̀. Láńrewájú ló di ìgò náà mú nígbà tí wọ́n yà á, àtàǹpàkò rẹ̀ sì hàn níbẹ̀ tòun ti àpá fèrèsé réluwé tó gé e lọ́jọ́sí.