Ọwọ́ Tó Mọ Abẹ́rẹ́

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ pé ọwọ́ dókítà ni ọwọ́ mi. Mo ṣì kéré nígbà yẹn. Aṣọ iṣẹ́ wọn ló ya lábíyá, mo sì rán an débi pé wọ́n wá ojú rírán náà tì. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi ń pe àwọn dókítà tí wọ́n lè bí lọ́mọ ní "sà". Wọ́n gbé aṣọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ iná, wọ́n ké sí màmá mi: "Ìyá ọmọ, wá wo nǹkan! Ẹni tó lè rán aṣọ báyìí, ṣé kò ní rán èèyàn?"

Ó parí. Ọ̀rọ̀ "rán" kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá ayé mi lẹ́jọ́. Mi ò tíì mọ ìsọdipúpọ̀ tán tí àbúrò bàbá mi obìnrin ti ń pè mí ní Dókítà wa, tó ń bi mí ohun tó ń dùn ún nídìí. Háà, èmi wo!

Mo wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lóòótọ́, mi ò sì fìdí rẹmi rí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, máṣíìnì ìránṣọ kékeré kan wà níbẹ̀. Tí mo bá ń gé aṣọ, mo máa ń gbàgbé oúnjẹ. Tí mo bá wọ wọ́ọ̀dù, bí ìgbà tí wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora ni. Èèyàn á máa sunkún níwájú mi, màá máa wo etí aṣọ tó wọ̀.

Ní ọdún tó ṣáájú ọdún tó yẹ kí n gboyè, wọ́n ní kí n rán ojú ọgbẹ́ obìnrin kan. Mo rán an, ó rẹwà. Nígbà tí mo padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo yin iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo sì kọjá. Ọ̀gá dókítà ló gbé ọwọ́ lé obìnrin náà lórí. Ibà ń jó o bí iná. Wọ́n tú gbogbo ohun tí mo rán, wọ́n fọ ọyún tó ti kún ojú ọgbẹ́ náà. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá, obìnrin náà yè é.

Ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn ò pariwo. "Ọwọ́ ẹ dáa ju tèmi lọ. Ìwọ fúnra ẹ ni kò sí níbí."

Màámi ni mo kọ́kọ́ sọ fún pé mo fẹ́ fi ìṣègùn sílẹ̀ lọ ránṣọ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, fara dà á. Gba oyè náà, gbé e fún bàbá ẹ, kó o wá lọ máa ṣe tìẹ."

"Màámi, ojú ọgbẹ́ ta ni màá máa rán kí oyè náà tó dé?"



Mi ò kàn sá kúrò. Mo tọrọ ìsinmi ọdún kan nílé ìwé, kí ilẹ̀kùn má bàa tì pátá. Mo wá ọ̀gá télọ̀ kan tó gbà láti kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó síwájú bàbá mi ní pálọ̀, èmi nìkan, mi ò rán ẹnikẹ́ni ṣíwájú. Mo sọ ti obìnrin yẹn fún wọn, mi ò fi kan bò.

"Kí ni kí n sọ fáwọn èèyàn?"

"Ẹ ní mò ń ránṣọ, sà."

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, sà. Ẹ kàn ṣi ọwọ́ mi mọ̀ ni."

Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo rò pé màá sunkún. Ẹkún ò wá. Mo gbé báàgì mi, mo lọ.

Ọdún yẹn pé, mo kọ̀wé sílé ìwé pé mi ò padà mọ́. Láti ìgbà náà, "pẹ̀lẹ́" nìkan ló ń ti ẹnu bàbá mi jáde sí mi. Ó dùn mí, àmọ́ ó dùn mí láti ọ̀nà jíjìn, bí eyín tí dókítà ti pa iṣan tó ń mọ ìrora nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá mi wọlé sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Wọn ò jókòó. "Mo fẹ́ rán kóòtù."

Mo mú téèpù. Mo wọn èjìká wọn, mo wọn àyà. Wọ́n ti rù gan-an. Mo bi wọ́n pé òde wo ni.

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fẹ́ gboyè. Ọmọ ará ilé kejì wa wà nínú wọn, bàbá ẹ̀ sì pè mí."

Téèpù dúró sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ń wo ògiri.

"Rán an dáadáa," wọ́n ní. "Rán an bí ìgbà tó jẹ́ tìẹ ni mò ń lọ."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti wá. Mo ní, "Ẹ na apá, sà." Wọ́n na apá.