Ilẹ̀kùn Tó Ń Ti Ara Rẹ̀

Pẹ́ńsùlù ni mo sọ ọmọbìnrin tó wá bá wa ṣiṣẹ́, torí pé pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán akọ̀wé tuntun wò lọ́fíìsì wa kí wọ́n tó gbà á pátápátá, oṣù kẹfà sì ni ó wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún àbúrò rẹ̀ obìnrin pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á ni òun máa gba yàrá, kí àbúrò náà lè kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó bàbá wọn. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀. Èmi náà mọ̀.

Iṣẹ́ wa ni ká máa túmọ̀ ìwé ẹ̀rọ láti èdè Rọ́ṣíà sí Yorùbá fáwọn òṣìṣẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Tá a bá ń sọ̀rọ̀ èdè Rọ́ṣíà, ta ló fẹ́ kọ́ mi? Ẹni tí mo bá sì kọ́, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún un ni pé: “Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá ní ‘sya’ nídìí, ‘ara’ ni: nǹkan náà ló ń ṣe é sí ara rẹ̀. Má dà mí láàmú.”

Pẹ́ńsùlù ò gbà. Ọjọ́ kejì tó dé ló ti dúró síwájú tábìlì mi.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ‘ara’ o. Tí wọ́n bá ní ‘obnimayutsya’, àwọn méjì ló ń dì mọ́ ara wọn; kò sẹ́ni tó ń dì mọ́ ara rẹ̀ ní òun nìkan. Tí wọ́n bá ní ‘mne ne spitsya’, oorun ni kò kun èèyàn, kò sí ẹni tó ṣe nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Tí wọ́n bá sì ní ‘dom stroitsya’, wọ́n ń kọ́ ilé ni. Ilé ò ń kọ́ ara rẹ̀, Ọ̀gá. Kọ́lékọ́lé wà níbẹ̀, wọn ò kàn dárúkọ rẹ̀ ni.”

Àwọn tó wà ní yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń rín, àbí òun? Mi ò mọ̀. Inú bí mi débi pé tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀.

“O ṣeun, Pùrọ̀fẹ́sọ̀,” mo ní. “Lọ bá wa pọn omi wá.”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fìyà jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tó bá kọ ní wákàtí mẹ́ta, màá fi báírò fagi lé e, màá ní kó tún un tẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Òfin kan wà ní ọ́fíìsì wa: ẹni tó bá túmọ̀ ìwé ló ń buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò, bíi tèmi, kì í buwọ́ lu nǹkan kan. Ohun tí èmi bá yí padà, orúkọ òun ló ń lọ sábẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ìwé ẹ̀rọ tó ń gé páálí fi dé. Nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé “dvertsa zakryvaetsya pered puskom”. Pẹ́ńsùlù túmọ̀ rẹ̀ pé: “Ẹ ti ilẹ̀kùn kékeré náà kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.” Ó wá fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: “Ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn tó ń tì fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tí èèyàn ń tì. Ìwé nìkan ò lè sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n lọ wo ẹ̀rọ náà? Kò jìnnà.”

Lóòótọ́, kò jìnnà. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni.

Mo fi báírò pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ilẹ̀kùn náà á ti ara rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.” Mo sì kọ ọ́ sábẹ́ ìbéèrè rẹ̀ pé: “Jókòó sí ààyè ẹ.”

“Ọ̀gá, tí ó bá jẹ́ pé èèyàn ló ń tì í ńkọ́?”

“Buwọ́ lù ú.”

Ojú rẹ̀ kún fún omi, àmọ́ ó buwọ́ lù ú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n gbà á.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ páálí pè wá. Ọkùnrin kan níbi tí wọ́n ti ń gé páálí rí i pé páálí wọ́, ó sì ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹnu ilẹ̀kùn láti tò ó. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, torí pé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ sọ fún un pé ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́. Ẹnì kejì rẹ̀ náà ka ìwé kan náà. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ìka mẹ́rin ló lọ.

Máníjà wa ní ká wá sí yàrá ìpàdé láago mẹ́wàá. Ní aago mẹ́jọ, mo ṣí fáìlì, mo yọ ìwé àkọ́kọ́ tí báírò mi wà lára rẹ̀, mo fà á ya, mo sì da omi tíì tó kù nínú ife sí i nínú garawa ìdọ̀tí. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní yàrá ìpàdé, àwọn ará iléeṣẹ́ páálí méjì jókòó, wọ́n dijú mágbárí. Máníjà gbé ìwé sílẹ̀. “Ta ló buwọ́ lu èyí?”

“Èmi ni, sà,” Pẹ́ńsùlù ní. “Àmọ́ kì í ṣe bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Mo béèrè. Ìwé àkọ́kọ́ wà nínú fáìlì, ẹ máa rí i.”

Wọ́n gbé fáìlì wá. Pẹ́ńsùlù tú u látòkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún un tú. Ó wá wò mí, kò bínú, ńṣe ló ń wò mí bí ọmọ tó ń dúró de kí àgbà bá òun sọ ọ́.

“Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́.”

Mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo ní, “Ọmọ yìí ò gbọ́ràn láti ìbẹ̀rẹ̀, sà. Mo ti sọ fún un títí pé kó máa lọ wo ẹ̀rọ kó tó kọ̀wé.”

Máníjà lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kó ẹrù rẹ̀. Ó gbàgbé pẹ́ńsùlù kan sórí tábìlì, mo sì jù ú nù.

Wọ́n ní kí n kọ̀wé sáwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹ ò rí i bí èdè Rọ́ṣíà ṣe dùn! Mo kọ ọ́ pé: “V perevod zakralas’ oshibka”, àṣìṣe kan yọ́ wọnú ìtumọ̀. Òun náà nìyẹn, “sya” ọ̀hún, àfi pé fáwẹ́lì tó ṣáájú rẹ̀ ló gé e kù sí “s”. Àṣìṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Èmi fúnra mi ò gba èyí gbọ́ nígbà tí mo ń kọ ọ́.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí ọkùnrin kan tó kanlẹ̀kùn yàrá mi. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé báńdéèjì ló wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Èmi ni ọkùnrin onípáálí yẹn. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ tú àṣírí ọmọbìnrin tó kọ ìkọkúkọ. Mo ní kí n wá dúpẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣépè fún un, èmi àti ìyá mi. Níbo ló wà báyìí?”

“Wọ́n ti lé e lọ,” mo ní. Wọ́n.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á bá yín bójú tó àwọn ọmọ yín.”

Ó ti ra ọsàn wá sínú ọ̀rá dúdú. Ó fẹ́ gbé e fún mi, ó dúró, ojú tì í.

“Ẹ má bínú, bàbá. Ọwọ́ òsì ni mo fẹ́ fi fún yín. Òun ló kù.”

“Kò sí wàhálà,” mo ní. Mo dìde, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.