Ejìká Tí Ìyá Àgbà Dì Mú

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí Kékeré ṣe jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò, ojú rẹ̀ ò sì rí i mọ́. Ó ti wò ó débi pé gbogbo rẹ̀ dára, ó tún ti wò ó débi pé gbogbo rẹ̀ kò dára.

Iṣẹ́ mímú àwòrán rìn ni Kékeré kọ́. Ọdún mẹ́ta ló lò nílé ẹ̀kọ́, òun ló kéré jù ní kíláàsì, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ ọn lára. Láti ìgbà tó ti jáde, iléeṣẹ́ mẹ́jọ ló ti kọ̀wé sí. Mẹ́fà ò dáhùn, méjì ní kó máa ṣe dáadáa lọ. Ìkẹsàn-án yìí ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì máa ti ìlẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n béèrè ò ju ríìlì lọ, ìyẹn fídíò kékeré tí èèyàn máa ń to èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ sí. Kò gbọdọ̀ gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ti Kékeré jẹ́ ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Abala mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀, orin sì ń dún lábẹ́ ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ilé ìjọba. Orúkọ rẹ̀ nìkan lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá níwájú, tó ń pòyì, tó ń tàn yanran.

Ó fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Olùkọ́, ọkùnrin àgbà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ àwòrán fún ogún ọdún kó tó wá máa kọ́ wọn. Kò pé ìdajì wákàtí tí Olùkọ́ fi pè é. Wọn ò bú u, ṣùgbọ́n wọn ò pọ́n ọn lé. Wọ́n ní ẹni tó ń wo ríìlì ọgọ́rin lọ́jọ́ kan, bí nǹkan kan ò bá gbá a mú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó ti ṣí òmíràn. Orúkọ tó ń pòyì ti jẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán. Wọ́n ní kó fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kó tún fi sẹ́yìn, kó sì jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́. Àga tó fi kọ̀ǹpútà mọ tó sì ń yí po, kó yọ ọ́, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ kíkan àga ló ń wá.

"Èyí tó dára jù ló ń lọ síwájú, èyí tó tẹ̀ lé e ló ń lọ sẹ́yìn," ni Olùkọ́ wí. "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni wọ́n á sì fi díwọ̀n rẹ, ọmọ mi, kì í ṣe èyí tó dára jù."

Kékeré béèrè pé báwo lòun ṣe fẹ́ mọ èyí tó dára. Olùkọ́ ní kó pa ohùn orin, kó wá ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, kó gbé e síwájú ẹni náà. Kó má wo fídíò o. Ojú ẹni tó ń wò ó ni kó wò.

Ta ló tún kù nílé bí kò ṣe ìyá rẹ̀? Aránṣọ ni ìyá, wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ wọn, wọ́n ń ran síìpù sí síkẹ́ẹ̀tì kan tí olóhun ti wá béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Kékeré gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó pa orin, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tó ti lè rí ojú wọn. 

Jagunjagun tó ní idà ló kọ́kọ́ jáde, iná ń bú gbàù lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni Kékeré fi ṣe é. Ìyá wò ó, wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì padà sí síìpù wọn. Ọkùnrin kan ń rìn kọjá. Ìyá gbójú sókè.

"Èyí tó ń rìn yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe fẹ́ ẹ ni?"

 Ọdún kan ni Kékeré ti ń wo ẹsẹ̀ yẹn tí kò rí i.

Ajá kan gbọn òjò dà nù lára, ìyá rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù ń ta, wọ́n yán. Ìgbà tó kan ìkẹsàn-án, ọwọ́ ìyá dúró lórí aṣọ. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni abala náà, kò ní àwọ̀ kankan, eérú ni gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà kan fẹ́ dìde lórí àpótí kúkúrú. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, kò ṣeé ṣe. Ó gbọ́wọ́ lé ejìká ọmọ kékeré tó dúró tì í, ó tẹ̀ ẹ́. Orúnkún ọmọ náà yẹ̀ díẹ̀, ọmọ náà sì yára nà án padà, ó wo ibòmíràn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

"Ọmọ yẹn ò fẹ́ kí ìyá àgbà mọ̀ pé òun wúwo," ni ìyá wí. Wọ́n gbàgbé síìpù. "Tún un fi hàn mí."

Ohun tí Kékeré fi pamọ́ sí ìkẹsàn-án nítorí pé kò ní àwọ̀, òun ni orí ríìlì. Kíá ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Jagunjagun lọ, bọ́ọ̀lù lọ, ẹlẹ́sẹ̀ ọṣẹ lọ. Kò wù ú kó pa ohun tó fi oorun rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ó pa á. Ó ku márùn-ún: ìyá àgbà níwájú, ajá, ọmọbìnrin tó fo gọ́tà, àwọn méjì tó ń bára wọn jiyàn, àti ọkùnrin tó ń wá kọ́kọ́rọ́ káàkiri àpò rẹ̀ níparí. Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínláàádọ́ta. Aago méjì ti kọjá.

Ó ku kó kọ ohun tó ṣe sí abẹ́ abala kọ̀ọ̀kan, torí pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni díẹ̀ nínú wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti há. Òun ló mú ìyá àgbà rìn. Ọmọ náà, Àdán ló mú un rìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ torí pé ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lóru. Kò sì sí bí a ṣe lè ya ọwọ́ kúrò lórí ejìká.

Ó pe Àdán láti béèrè bó ṣe fẹ́ kí òun kọ orúkọ rẹ̀.  Àdán wá jẹ́wọ́ pé òun náà ti kọ̀wé síbẹ̀ láti àná. Ìyá àgbà náà ló fi ṣíwájú. Kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀ àfi orúkọ tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé gbogbo wa kọ́ la ṣe é ni?" ni Àdán wí. "Kékeré, yọ ọ́ kúrò nínú tìẹ. Ajá ẹ dáa. Tó o bá kọ èyí sílẹ̀, olè ni wọ́n máa pè mí."

Kékeré gbìyànjú ẹ̀, kí n má parọ́. Ó yọ ìyá àgbà, ó fi ajá síwájú. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ríìlì tó dára ni, irú ọgọ́rin tí wọ́n ń wò lọ́jọ́ kan. Iléeṣẹ́ mẹ́jọ tó ti kọ̀ ọ́ tò síwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá gba gbèsè. Aago mẹ́ta lù.

Ó tún pe Olùkọ́. Olùkọ́ ní kì í ṣe ohun tuntun kí abala kan wà nínú ríìlì èèyàn méjì, bí fíìmù ẹgbẹ́ ṣe rí nìyẹn. Ohun tí kì í dùn mọ́ àwọn iléeṣẹ́ nínú ni kí ejìká kan ní olóhun méjì. Wọ́n ní ó ṣì ṣeé tún ṣe: líǹkì ni Àdán fi ránṣẹ́, èèyàn sì lè pààrọ̀ fídíò tó wà lẹ́yìn líǹkì láìyí líǹkì padà. Kó kọ iṣẹ́ oníkálukú sábẹ́ rẹ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀.

Kékeré sọ ọ́ fún Àdán. Ó gbọ́ tó ń tẹ nǹkan. Ó gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ti wò ó," ni Àdán wí. "Ẹ̀ẹ̀kan. Láàárọ̀ yìí. Ó wà níbí, mo ń wo nọ́ńbà iye ẹni tó ti wò ó."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀rù ba Kékeré fún un, ẹ̀rù ba Kékeré fún ara rẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ ó sọ fún un pé kó pààrọ̀ rẹ̀ náà, kó sì kọ lẹ́tà sí wọn. "Mi ò ní yọ ọ́, Àdán. Mi ò sì ní gba tìẹ mọ́ tèmi. Ohun tí mo bá kọ sábẹ́ ẹ̀, òótọ́ ni màá kọ."

Àdán ní kó máa gbádùn òótọ́ rẹ̀ lọ, pé òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó pa fóònù.

Kékeré dá ìyá àgbà padà síwájú. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: ìyá àgbà, èmi, ọmọ, Àdán. Orúkọ gidi Àdán ló kọ síbẹ̀, kì í ṣe ìnagijẹ. Ó ní kí kọ̀ǹpútà gbé ríìlì jáde. Ó ń gbé e jáde bí ìgbín. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá ogójì. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìyá rẹ̀ yọjú, wọ́n wò ó, wọ́n yọrí padà láìsọ̀rọ̀. Ó jáde tán. Kékeré wò ó látòkè délẹ̀ kí ó má lọ fi òfìfo ránṣẹ́. Ó ń gòkè sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, ó fi ránṣẹ́. Àdán ò tíì fọhùn. Kò fọhùn lọ́jọ́ Sátidé. Kò fọhùn lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fóònù dún, nọ́ńbà tí kò mọ̀. Obìnrin kan láti iléeṣẹ́ náà ni. Ó ní ríìlì méjì wà níwájú òun, ìyá àgbà kan náà ló sì wà nínú méjèèjì. 

"Orúnkún ọmọ yẹn tó yẹ̀," ni obìnrin náà wí, "ta ló ronú ẹ̀?"

Ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ tó dára jù nìyẹn, Kékeré sì mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti dúró.

"Èmi kọ́, mà," ló dáhùn. "Mo kàn gbé ọwọ́ ìyá lé e lórí ni. Ọ̀rẹ́ mi ló rò ó pé kí ọmọ náà fi pamọ́. Èmi ì bá má ronú kàn án."

 Kékeré gbọ́ tí obìnrin náà ń ṣí bébà lódìkejì. Ó wá ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà sáwọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ó tọrọ àforíjì, ó ní bí kì í bá ṣe bí ọwọ́ náà ṣe wúwo ni, orúnkún tí òun ṣe ì bá máa yẹ̀ lásán. Ó ní àwọn máa fún àwọn méjèèjì ní ìdánwò kan náà: ọkùnrin kan gbé àpótí nílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ní. Ó sì rán an létí pé ẹyọ ẹnì kan ni àyè tó wà.

Kékeré jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Àdán pè. Ó ti gba ìpè tirẹ̀ náà. 

"Bẹ́ẹ̀ lo kúkú lọ sọ fún wọn pé èmi ló ronú orúnkún," ni Àdán wí.

"Ìwọ náà ló sọ ti ọwọ́."

Àdán rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò jìnnà. "Ó dáa náà. Wọ́n ní kálukú gbé àpótí tirẹ̀ báyìí."

Kékeré ní kó lọ sùn, ọ̀sán ti pọ́n. Ó ṣí fáìlì tuntun. Ojú àwòrán kìn-ín-ní funfun báláú, kò sí àpótí níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbé e.