Kìlómítà Méjìlá sí Ilé Eyínfúnjowó

Àárín èrò ni ojú wa ti kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin. Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ni, àwọn mọ̀lẹ́bí mi ti dí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì pa, oníkálùkù ń ju báàgì sórí ẹsẹ̀ ẹnìkejì, Bùrọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi àgbà, sì ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ wọlé. Mo gbé ojú kúrò lára ìwé ọwọ́ mi. Dẹ́rẹ́bà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rán sí wa dúró sídìí ìjókòó rẹ̀, ó gbé àpótí ẹnìkan lé èjìká, ó ń wò mí. Àyà mi já pà. Ká ní kì í ṣe pé oorun wákàtí mẹ́ta péré ni mo sùn, ǹ bá ní ìfẹ́ ni.

"Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé?"

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé ìrìnàjò yẹn kí àwọn èèyàn yín tó fi ẹrù sin mí."

Mo fún un. Ojú ewé kan péré ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí. Ọjọ́ mẹ́ta la fẹ́ fi yí ilé gbogbo mọ̀lẹ́bí Bàbá mi ká, ká máa kí wọn láti ilé dé ilé, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi, níbi tí gbogbo wa yóò ti pàdé ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kẹta. Mo kọ ilé kọ̀ọ̀kan, iye kìlómítà tó wà láàárín wọn, iye àkókò tí ọkọ̀ yóò fi rìn ín, àti ilé tí a ó sùn. Ìṣirò náà ò le. Kìlómítà ọgọ́ta ni mo fún wákàtí kan, ìyẹn ni pé kìlómítà kan, ìṣẹ́jú kan. Iṣẹ́ mi náà nìyẹn: mo jẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, èmi ni mò ń sọ ìgbà tí tírélà máa gbéra àti ibi tó máa sùn.

Bùrọ̀dá ti fi bírò pupa pa ilé kan rẹ́ níbẹ̀. Ilé àbúrò Bàbá mi obìnrin ni.

Nígbà tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, òun ló sọ ọmọbìnrin yẹn ní Eyínfúnjowó, nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Wọ́n jọ ṣe dáadáa fún ọdún gbọọrọ. Àfi ọjọ́ ìgbéyàwó Bùrọ̀dá, ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí Eyínfúnjowó dìde láàárín èrò, tó ní Màmá ló sé Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n òun, mọ́lé bí adìyẹ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ náà nílé wa. Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, ó kọ lẹ́tà kan, ó lẹ ẹ́, ó fi í lé mi lọ́wọ́. "Fún àbúrò mi. Láti ọwọ́ rẹ sí ọwọ́ rẹ̀. Má fi rán ẹnikẹ́ni." Lẹ́yìn tí a sin ín ni mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Màmá láti lọ. Omijé ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó dáhùn: "Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ tẹ ilé yẹn àyàfi tí tèmi bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́." Mo búra. Ọdún mẹ́rin rèé. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú báàgì mi, etí rẹ̀ ti ń hu bí òwú.

Ó wá kù sọ́wọ́ mi kí n gbé ẹsẹ̀ Màmá débẹ̀.

Ilé kejì ní ọjọ́ kìíní ni àṣírí mi ti tú sí dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni. A ti dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé à ń lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kìíní, ó ní ká dúró gba omi. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, Màmá rántí ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n sìn wá dé ìdí bọ́ọ̀sì, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, ìtàkùrọ̀sọ sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Dẹ́rẹ́bà fara ti táyà, ó na ìwé mi sí mi. "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ kọ fún ilé kọ̀ọ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò tírélà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fún ìdágbére ìdílé yìí?" Ó wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń dì mọ́ ara wọn fún ìgbà kẹrin. "Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn ò tíì béèrè ara gbogbo ọmọ ara wọn tán."

Ó yẹ kí n parọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, ojú rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní ilé-iṣẹ́ wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọn rìn kọjá aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo sì mọ̀. Mo ní ní ọ̀la, irínwó kìlómítà ó lé ọgọ́ta ló wà nílẹ̀ fún wa, pé tí ìdágbére bá jẹ àkókò wa tó bí mo ṣe rò, oríta ilé Eyínfúnjowó ni ilẹ̀ máa ṣú bá wa.

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ táyà wò. "Mi ò ní fà á," ló sọ. "Mi ò sì ní sáré. Bí ọ̀nà bá ṣe rí ni màá ṣe wà á, màá sì páàkì ní aago mẹ́fà. Ìyẹn nìkan ni mo lè ṣe fún ẹ."

Fún ẹ. Kò wí pé fún yín. Mo gbé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sùn lórí ẹní ní ilé tí a sùn mọ́jú, àárín mọ̀lẹ́bí mi kan àti ògiri, eegun ẹ̀yìn mi ń ro mí bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì.

Lọ́jọ́ kejì, àárẹ̀ di ẹni kejìlá nínú ọkọ̀. Aago méje la kọ, a gbéra ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àádóje kìlómítà, a dé ilé àkọ́kọ́ ní aago mẹ́wàá géérégé, a kúrò ní mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọgọ́fà kìlómítà, a dé ilé kejì, a jẹun, Bùrọ̀dá tẹ fèrè ọkọ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó, aago mẹ́ta sì lù kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀. Igba kìlómítà ó lé mẹ́wàá ló kù dé ilé tó yẹ ká sùn.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ṣe é. Ìdí nìyẹn tí inú mi kò fi dùn. Màmá bọ́ bàtà, mo sì rí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó wú, ó ń dán. Kò ráhùn. Ó kàn ń fi ọwọ́ kan rọra tẹ̀ ẹ́, ó ń wo ìta. Ìwé mi ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Aago márùn-ún lù. Dẹ́rẹ́bà yà sí ilé epo kan ní oríta, ó ní ká na ẹsẹ̀ díẹ̀.

"Kìlómítà mélòó ló kù?" Bùrọ̀dá béèrè.

"Àádọ́rùn-ún, Ẹ̀gbọ́n. Wákàtí kan àbọ̀. Tí a bá gbéra báyìí, a máa dé ní aago mẹ́fà àbọ̀. Mi ò sì gbọdọ̀ wakọ̀ kọjá mẹ́fà. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń ròyìn mi fún ọ̀gá."

"Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré! Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ̀rọ yẹn ni, sà."

"Akọ̀wé!" Bùrọ̀dá yíjú sí mi. "Irú ìṣirò wo nìyí? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ń sọ tírélà nù níbi iṣẹ́?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí oorun ń kùn. "Ó dáa, ká wá hòtẹ́ẹ̀lì."

"Hòtẹ́ẹ̀lì kẹ̀?" Màmá ò gbé orí kúrò lára gíláàsì fèrèsé. "Ṣé bí ẹbí là ń wá kiri?"

"Màmá, kò sí ẹbí wa kankan ládùúgbò yìí," Bùrọ̀dá dáhùn.

Gbogbo wa la mọ̀ pé irọ́ ni. Màmá wo ọ̀nà kékeré tó yà sápá ọ̀tún fún ìgbà pípẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níhòòhò.

"Ilé Eyínfúnjowó ńkọ́?" ló wí. "Báwo ló ṣe jìn tó?"

Mi ò wo ìwé. "Kìlómítà méjìlá, Màmá. Ọ̀nà ò dáa, ẹ jẹ́ ká fún un ní ogún ìṣẹ́jú."

Ó yíjú, ó wò mí tààrà. Mo mọ̀ pé ó ti rí inú mi dé ìsàlẹ̀.

"Ọ̀la ńkọ́?" Bùrọ̀dá kò tíì gbà. "Bàbá Àgbà ń retí wa!"

"Tí a bá gbéra ní aago méje, kìlómítà méjìlélọ́gọ́rùn-ún dé ilé tó yẹ ká sùn lónìí. Ká fún wọn ní wákàtí kan. Wákàtí kan gidi lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, kìlómítà márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún. Aago méjìlá ò ní tíì lù."

"Dẹ́rẹ́bà, yà," ni Màmá wí.

Ó yà. Nínú dígí iwájú, ojú rẹ̀ bá tèmi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn rọra ń yẹ kòtò, kí ẹsẹ̀ Màmá má baà gbọ̀n.

Obìnrin kan ń ká aṣọ lórí okùn níwájú ilé kékeré tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Nígbà tó rí bọ́ọ̀sì, ó dúró. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí tí à ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ń kà wá lábẹ́ èémí. "Mẹ́jọ... mẹ́sàn-án... mọ́kànlá. Ìrọ̀rí mẹ́rin ni mo ní o."

Èmi àti dẹ́rẹ́bà la di Màmá mú sọ̀kalẹ̀.

"Eyínfúnjowó," ni Màmá pè.

Obìnrin náà fi aṣọ bo ẹnu. "Eyín wo? Méjì ti lọ lápá òsì. Ẹ mà pẹ́ lójú ọ̀nà o, ìyàwó wa."

"Dẹ́rẹ́bà yìí ni kò gbọdọ̀ rìn kọjá aago mẹ́fà."

"Ẹ ṣeun, dẹ́rẹ́bà." Ó ti ń wá àga. Màmá jókòó, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó wú mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin, ó mí kanlẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Ẹsẹ̀ mi ti tẹ ilẹ̀ ibí. Kí lo tún ń dúró dè? Báàgì yẹn ò wúwo fún ọ ni?"

Mi ò mọ ìgbà tó ti mọ̀. Mo ṣí báàgì, mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, mo fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sókè. Eyínfúnjowó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó wo ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbà á.