Aṣọ Tí Télọ̀ Gé fún Ara Tí Kò Ní

Ẹni tó bá sọ pé télọ̀ yìí kò mọṣẹ́, irọ́ ló pa. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ránṣọ fún tẹ́ẹ́rẹ́ àti sìgbọnlẹ̀, aṣọ náà á sì gún régé lára wọn. Àfi nígbà tó kan tirẹ̀, ló bá gé e láìwọn ara.

Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti ga ju tòsì lọ, tí egungun ìhà rẹ̀ sì yọ lẹ́yìn lápá ibẹ̀. Gbogbo aṣọ tó bá rán fún ara rẹ̀, ó máa ń ki fóòmù sí èjìká òsì kí ayé má baà mọ̀. Ní báyìí, ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ku oṣù mẹ́rin. Ó wù ú kó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò, lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ̀, láìsí fóòmù. Ó wù ú débi pé ó ń fi í lá àlá. Ló bá ra aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó gé ọ̀tún àti òsì dọ́gba, ó ní kí ọjọ́ náà tó dé, ara òun á ti bá aṣọ mu.

Kí ló fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Físíò ni, ìyẹn obìnrin tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara ní ọsibítù. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún ló gbé e débẹ̀. Físíò ní kó bẹ̀rẹ̀ síwájú kí ọwọ́ rẹ̀ máa fì wálẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbé fọ́tò egungun rẹ̀ síwájú iná.

"Sikolíósíìsì là ń pè é, mà. Ọ̀pá ẹ̀yìn yín tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tún lọ́ díẹ̀. Òun ló ti egungun ìhà jáde."

"Ṣé ìdí ẹ̀rọ ni mo jókòó sí jù? Àbí omi tí mo rù ní kékeré?"

"Rárá o. Ẹ̀bi yín kọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í mọ ohun tó fà á. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó wákàtí mẹ́rin láìdìde, á máa dùn yín."

Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe fi ọwọ́ àti eékún dúró, kó na ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ òdìkejì, díẹ̀díẹ̀, láìdá èémí dúró. Ó ní kó máa rìn lójoojúmọ́, kó sì máa dìde nídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí kò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, kó sáré wá.

Ó ṣe é bí ẹni ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n télọ̀ ni: gbogbo ọjọ́ Sunday, á fa téèpù láti èjìká dé ìbàdí, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Oṣù mẹ́ta kọjá, ìyàtọ̀ ìka méjì tó wà láàárín wọn ò yẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́? Ó so ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ òkè ilẹ̀kùn, ó sì ń lọ́ ìbàdí, kí egungun lè nà. Ẹ̀yìn há. Ọmọ rẹ̀ ló fà á dé ọsibítù.

Físíò yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣan lásán ló fún, yóò rọ̀. Ni télọ̀ bá bi í ìgbà tí òun máa nà tán.

"Mà, eré ìdárayá kì í na ọ̀pá ẹ̀yìn àgbàlagbà. Ó ń fún iṣan lágbára kí ìrora lè dín kù ni. Ó yẹ kí n ti là á yé yín, ẹ má bínú."

Télọ̀ bú sẹ́kún. Ọmọ rẹ̀ kò rí i rí kó sunkún bẹ́ẹ̀.

"Kí ni mo wá ń ṣe é fún?"

"Nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ìṣẹ́jú mélòó lẹ lè fi dúró?"

"Mẹ́wàá."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

Ó ronú. Wákàtí kan àbọ̀ ló fi dúró gé aṣọ àwọn oníbàárà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n ohun tó rí yìí kò pa ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Ara gígùn yẹn ṣì ń wù ú.

Nígbà tí ẹ̀yìn rọ̀, ó bọ́ bùláòsì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó kẹ̀yìn sọ́mọ rẹ̀, ó ní kó wọn òun fún aṣọ ìgbéyàwó. Ẹlòmíràn ò wọ̀n ọ́n rí. Ọmọ fa téèpù lápá ọ̀tún, ó fà á lápá òsì, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé.

Ìyá rẹ̀ gbà á wò. Iye kan náà ló wà lápá méjèèjì.

"Irọ́ lo kọ yìí, ọmọ mi," ó ní, ó sì dá ìwé padà fún un. "Kọ ohun tó o rí."