Àyè Tí Wọ́n Pè Ní Òfìfo

“Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì lónìí, ó yẹ kí gbogbo wa mọ ohun tí a fẹ́ kọ́, ìdí tí a fi fẹ́ kọ́ ọ, àti ibi tí iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ti bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí sí.”

Ẹnjiníà Ògúndípẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó dúró lábẹ́ igi fúrúùtù tí ó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ẹ̀bá Agboju. Pátákó ìkọ̀wé kan tí wọ́n gbé jáde láti inú kíláàsì fẹ̀yìn ti ìdí igi. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Ilé tí wọ́n pín fún un ní Festac, lẹ́yìn tí àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà ńlá ti palẹ̀ mọ́, ni ó ń gbé. Ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá ṣe alákòóso ilé-ìkàwé tí wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ́, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọyẹ́ mú ní òwúrọ̀ náà. Eruku ti sọ bàtà rẹ̀ di funfun, ṣùgbọ́n ṣòkòtò rẹ̀ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ dúró gbọnrangandan.

Nùsírátù wà ní ìlà iwájú. Abọ́ irin tí Jẹ̀lílì ọkọ rẹ̀ fi ń ru kọnkéré nígbà ayé rẹ̀ ni ó gbé dání. Kò tíì pẹ́ tí ó jáde opó. Bírikìlà ni Jẹ̀lílì. Ọmọ onílẹ̀ ni pẹ̀lú, ilẹ̀ tí ó kàn án nínú ogún bàbá rẹ̀ sì fara kan ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Kí àìsàn tó dá a wólẹ̀, ó ti ṣèlérí níwájú ẹbí pé apá ilẹ̀ òun tí ó kọjú sí ọ̀nà, tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ni kí wọ́n kọ́ ilé-ìkàwé sí. Ẹ̀yìn ilẹ̀ náà, níbi tí ó kọ́ yàrá kan àti ìyẹ̀wù sí, tí ó sì gbẹ́ kànga sí, ni Nùsírátù àti Ọláfúnkẹ́ ọmọ rẹ̀ ń gbé. Nítorí ìlérí yìí ni obìnrin náà ṣe jí lówùúrọ̀, tí ó wẹ̀, tí ó sì wá bí ẹni ń lọ sí ìsọmọlórúkọ.

“Ìdí tí a fi ń kọ́ ọ nìyí,” ni Ògúndípẹ̀ wí. “Àwọn ọmọ wa mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìwé kà, wọn kò sì rí ibi jókòó sí kà á. A fẹ́ kí ó dópin. Kí ọmọ kankan má ṣe dúró níta mọ́.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kíkẹ́lọmọ, olùkọ́ tí ó ń kọ́ Ọláfúnkẹ́ ní kíláàsì, rọra fi ìgbọ̀nwọ́ gún Nùsírátù. “Ìyá Fúnkẹ́, ẹ ò gbọ́? Ọ̀rọ̀ Bàbá Fúnkẹ́ gan-an ló ń sọ.”

“Mo gbọ́, Tíṣà. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ.”

Ẹnjiníà mú ṣọ́ọ̀kì. Ó fa ìlà kan sí àárín pátákó. Ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ wọn ni ó kọ sí ọwọ́ ọ̀tún: ìpìlẹ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù, fèrèsé, òrùlé, àti pẹpẹ ìwé. Ó kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀ sí ọwọ́ òsì: ọgbà, iná mànàmáná, àti ìwé fúnra rẹ̀, èyí tí ìgbìmọ̀ yóò wá fúnra wọn. Ó ní ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni kí ẹnì kan máa retí ohun tí ẹnìkejì kò ṣèlérí.

“Oúnjẹ ńkọ́, Ọ̀gá?” ni Fọlọ́runṣọ́ káfíńtà ké láti ẹ̀yìn. “Ọwọ́ ọ̀tún ló wà ni, àbí ọwọ́ òsì?”

Ẹ̀rín sọ. Ògúndípẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. “Ọwọ́ ọ̀tún ni mo kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbẹ́lẹ̀, kò ní bá wa bu òkèlè.”

Ó wá ṣàlàyé bí iṣẹ́ yóò ṣe tò tẹ̀ léra. Wọn yóò kọ́kọ́ pa ilẹ̀ mọ́. Wọn yóò kan èèkàn, wọn yóò ta okùn, wọn yóò sì wọn ilẹ̀ náà láti igun dé igun ní ọ̀nà méjèèjì. Bí okùn méjèèjì kò bá gùn dọ́gba, ilé náà yóò wọ́. Ilẹ̀ àdúgbò yìí jẹ́ àbàtà kí wọ́n tó fi iyanrìn dí i, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró gbígbẹ́ nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ títí wọn yóò fi kan ilẹ̀ tí ó le. Bí wọ́n bá da kọnkéré, kí wọ́n máa fi omi rin ín kí ó má baà sán. Ìdí tí kò fi sí ìdádúró ni pé sìmẹ́ǹtì ti dé. Sìmẹ́ǹtì kì í dúró de èèyàn: bí ọ̀rinrin bá wọ inú rẹ̀, òkúta ni yóò dà nínú àpò. Òrùlé sì gbọ́dọ̀ gun orí ilé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

“Ó ku òfin kan,” ni ó wí, ó sì gbé ohùn sókè. “Ẹni yòówù kí ó rí ewu, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe ẹni tí ó ń pọn omi, kí ó ké pé, ‘Ẹ dúró!’ Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, kí gbogbo ọwọ́ dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi í pé ta ni ó jẹ́. Èmi ni n ó wá wo ohun tí ó rí.”

Òfin yìí wú Nùsírátù lórí. Jẹ̀lílì ìbá fẹ́ràn rẹ̀. Àgékù igi tí ó já lu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pa níbi iṣẹ́, gbogbo ènìyàn ni ó rí i, kò sí ẹni tí ó ké.

Ògúndípẹ̀ yí pátákó padà, ó sì ya ilẹ̀ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ya ọ̀nà. Ó ya ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátákó, ó ya róbótó kékeré kan.

“Kànga nìyí. Ó ṣe pàtàkì, nítorí omi rẹ̀ ni a óò fi po sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níhìn-ín gan-an ni ilé-ìkàwé yóò wà. Apá tí ó kọjú sí ọ̀nà kò sí nínú iṣẹ́ wa; ẹbí tí ó fún wa nílẹ̀ ti fi í pa mọ́ fún ara wọn. Àyè òfìfo ni èyí tí wọ́n fún wa, àfi ẹgẹrẹmìtì ilé kékeré kan tí ẹgbẹ́ kìn-ín-ní yóò kọ́kọ́ wó.”

Nùsírátù wo róbótó náà. Kànga kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Òun ni ó fa okùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó wo onígun mẹ́rin tí ọkùnrin náà fi ṣọ́ọ̀kì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rí ibùsùn rẹ̀ nínú rẹ̀, ó rí àdògán rẹ̀, ó rí ìṣó tí ẹ̀wù ilé-ẹ̀kọ́ Ọláfúnkẹ́ kọ́ sí.

“Ẹ dúró!”

Ohùn rẹ̀ ha. Kò sí ọwọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ tí yóò dúró, ṣùgbọ́n gbogbo ojú yí sí i.

“Màmá,” ni Ògúndípẹ̀ fi sùúrù wí, “a kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òfin náà wà fún ewu: ihò tí ó fẹ́ ya lulẹ̀, igi tí ó fẹ́ já.”

“Kí ni kí n wá pe èyí, Ọ̀gá? Ilé tí ẹ fẹ́ wó, inú rẹ̀ ni mo sùn mọ́jú.”

Ẹnjiníà wo ohun tí ó yà. Ó ti dé ilẹ̀ náà rí. Ó rí aṣọ tí ó ń gbẹ lórí okùn, ó sì bi alága ìgbìmọ̀ léèrè. Alága ní ẹni tí ń bá wọn ṣọ́ ilẹ̀ ni ó ni í. Kò kan ilẹ̀kùn náà. Ó yíjú sí alága nísinsìnyí.

Bùsàrí, ẹ̀gbọ́n Jẹ̀lílì, ni alága. Ó dìde lórí àga, ó tún agbádá gbé sí èjìká. “Ìyàwó,” ni ó wí jẹ́jẹ́, “a kì í sọ ọ̀rọ̀ ilé níta. Ẹbí ti jókòó, a ti pinnu.”

“Nígbà wo, Bọ̀dá mi?”

“Nígbà tí o wà nínú opó. Opó kì í bá wọn ṣèpàdé.”

“Inú yàrá tí ẹ ń fi tọrẹ yẹn náà ni mo wà. Ẹ̀yin ni ẹ ní kí n má yọjú síta.” Ó gbé abọ́ irin náà kalẹ̀. “Jẹ̀lílì sọ ọ́ lójú yín pé ojú ọ̀nà ni kí wọ́n kọ́ ọ sí.”

“Ojú ọ̀nà la fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Ta ni a fẹ́ fi èrè rẹ̀ tọ́jú, bí kò ṣe ẹ̀yin náà? Àbí ìwé ni ọmọ rẹ yóò máa jẹ?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára dákẹ́. Fọlọ́runṣọ́ tẹjú mọ́ òòlù rẹ̀. Kíkẹ́lọmọ ṣí ẹnu, ṣùgbọ́n alága ni ó ń kọ̀wé nípa àwọn olùkọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wọn lókè. Ó pa ẹnu náà dé.

Ògúndípẹ̀ wo àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n tò sábẹ́ ògiri. Ó wo ojú ọ̀run. Ó wo àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ọjọ́ ìsinmi wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Màmá, ọ̀rọ̀ yín kò ní sọnù.” Ó kọ ọ́ sí igun pátákó: *Ọ̀rọ̀ tí a óò tún gbé yẹ̀ wò: ilé opó.* Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ tónítóní. “Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, ẹ fara balẹ̀ o. Ohunkóhun tí ẹ bá kó jáde, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fọ́.”

Kò sí ohun tí ó fọ́. Wọ́n ṣe é bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé ibùsùn náà, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé, “Rọra, rọra.” Fọlọ́runṣọ́ yọ ìṣó páànù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí páànù má baà ya. Kíkẹ́lọmọ ni ó gbé ìkòkò omi. Ó ń sunkún, ó sì ń gbé e lọ. Nígbà tí oúnjẹ jinná, wọ́n bu ti Nùsírátù sọ́tọ̀ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé pátákó padà sí kíláàsì, wọ́n sì nù ún kí ẹ̀kọ́ ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀.

Ilé náà dára. Okùn igun méjèèjì dọ́gba, ògiri kò sán, òrùlé sì gun orí rẹ̀ kí òjò tó dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Nùsírátù àti Ọláfúnkẹ́ rìn wá láti Abúlé Adó, níbi tí wọ́n ń bá ìbátan kan há yàrá gbé. Ibẹ̀ jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́; ọmọ náà ti dẹ́kun wíwá. Kíkẹ́lọmọ tí wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ìwé ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí wọn, ó sì wo ilẹ̀.

“Ìyá Fúnkẹ́, ẹ má bínú. Ìgbìmọ̀ ní àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa nìkan ni kí n jẹ́ kó wọlé.”

“Kò burú, Tíṣà.”

Wọ́n yí gba ẹ̀yìn. Ọláfúnkẹ́ gun etí kànga, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di irin fèrèsé mú. Pẹpẹ ìwé wà nínú, ìwé díẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà kọ nǹkan gàgàrà sí ara ògiri tí ó dojú kọ ọ́, níbi tí ibùsùn wọn máa ń wà.

“Kà á fún mi,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà kà á ketekete, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ: “Ẹbí olóògbé Jẹ̀lílì ni ó fi ilẹ̀ yìí tọrẹ. Kí ọmọ kankan má ṣe dúró níta mọ́.”

“Ó dára,” ni Nùsírátù wí. “Sọ̀ kalẹ̀, kí o má baà já sí kànga.”