Èbúté Ni Kó Ti Máa Rántí

Èmi ni mo ní kí géèmù ọkọ̀ ojú omi wa máa fi ibi tí eré bá dé pamọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ta ni kò mọ bí iná Ẹdẹ ṣe máa ń lọ lójijì?

Ní yàrá kọ̀ǹpútà yunifásítì wa, Precious, tó ń bá wa dán an wò, ṣí i. Ọkọ̀ rẹ̀ rì. Ó tún un ṣí, ó tún rì. Ìgbà tí ọkọ̀ ń dojú dé gan-an ni géèmù fi pamọ́, ó sì ti pa èyí tó fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Akínkúnmi, tó ń ya àwòrán wa, ní, "Jẹ́ kí àwọn tó bá ń ṣeré náà máa fi pamọ́ fúnra wọn, sí àyè mẹ́ta."

A gbìyànjú ẹ̀. Precious ń fi pamọ́ níwájú gbogbo àpáta. Ẹ̀rù ò bà á mọ́, ó wá ń yán.

Inú bí mi. Èmi kì í ṣe géèmù fún ẹni tó ń yán. Mo tẹjú mọ́ odò inú géèmù náà títí ojú mi fi là: èbúté. Ibi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí láìséwu nìkan ni géèmù á ti máa fi pamọ́. A ò ní jẹ́ kí èbúté jìnnà síra, nítorí iná.

Precious tukọ̀, ó ń mí hẹlẹ. Bó ṣe gúnlẹ̀ báyìí ni iná lọ.

Nígbà tí iná dé, gbogbo wa rọ́ bo kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ wà ní èbúté. Akínkúnmi nawọ́ kí òun náà ṣe é, Precious gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Dúró kí n rì ná."